Káàdì Adánìkangbé àti Ìbéèrè Ẹni Tí Ìfẹ́ Dá Lóró: Ṣé Kí N Dá Wà?

Nínú gbogbo káàdì Tárọ̀ 78 tí a fi ń yẹ ọ̀rọ̀ ẹni wò, agbára káká ni a fi lè rí èyí tí ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde nínú ìpínyà máa ń yára ṣì túmọ̀ bíi káàdì Adánìkangbé. Ó rí arúgbó kan tó dá dúró lórí òkè, ó sì gbà lójú ẹsẹ̀ pé ìgbẹ̀yìn ayé òun ni wọ́n yà síbẹ̀. Àwọn ìbéèrè ìsàlẹ̀ yìí ni àwọn tó ń kọ́ bí a ṣe ń ka káàdì sábà máa ń béèrè nípa rẹ̀, mo sì dáhùn wọn gẹ́gẹ́ bí mo ṣe ń kà á fún àwọn tó ń gbé ọgbẹ́ ọkàn wá.

Oníbèérè fẹ́ mọ̀ bóyá kí òun dá wà, Adánìkangbé sì jáde. Ṣé káàdì ti dáhùn pé bẹ́ẹ̀ ni nìyẹn?

Rárá o. Káàdì yìí kì í pàṣẹ pé kí ènìyàn dá wà títí ayé, kì í sì í lé e padà sínú ìfẹ́. Ohun tó máa ń sọ ni pé àkókò kan wà tó yẹ kí oníbèérè fi wà ní òun nìkan, àti pé iṣẹ́ kan wà láti ṣe láàárín àkókò náà, irú èyí tí ẹlòmíràn kò lè bá a ṣe. Bí ẹni tó ń ka káàdì bá wí apá àkọ́kọ́ tí kò wí apá kejì, ìdajì káàdì ló kà, ìdajì náà sì lè ṣe ìpalára, nítorí pé ẹni tí wọ́n já jù sílẹ̀ yóò gbé e lọ sílé gẹ́gẹ́ bí ìdájọ́.

Nítorí náà, mo máa ń bi oníbèérè ní ohun kan kí n tó túmọ̀ ohunkóhun: "Kí ni ẹ fẹ́ lo ìdáwà náà fún?" Lẹ́yìn náà ni mo máa ń dákẹ́, kí ó lè ronú. Ẹni tó bá dáhùn pé òun fẹ́ mọ ìdí tí òun fi fara da ohun tí òun fara dà ti gbé àtùpà lọ́wọ́ ná. Ẹni tó bá ní òun kò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni tún rí òun fín mọ́, ibi ìsápamọ́ ló ń wá. Kò sí ẹni tó lè bá a wí fún un, torí ẹni tí ejò bá ti bù jẹ rí ní í sá fún ekòló, ṣùgbọ́n ìsápamọ́ àti ohun tí arúgbó yìí ń ṣe lórí òkè kì í ṣe ọ̀kan náà, iṣẹ́ wa sì ni láti fi ìyàtọ̀ wọn hàn án láìkàn án lábùkù.

Kí ni ó yẹ kí n tọ́ka sí nínú àwòrán náà?

Àkójọ káàdì tí ọ̀pọ̀ ènìyàn ń lò lónìí ni èyí tí Pamela Colman Smith ya àwòrán rẹ̀, tí wọ́n tẹ̀ jáde ní 1909. Nínú rẹ̀, Adánìkangbé ni káàdì kẹsàn-án nínú àwọn káàdì ńlá. Ó wọ agbádá aláwọ̀ eérú tó ní ìborí, yìnyín wà lábẹ́ ẹsẹ̀ rẹ̀, ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀ gbé àtùpà tí ìràwọ̀ onígun mẹ́fà ń tàn nínú rẹ̀, ọwọ́ òsì rẹ̀ sì di ọ̀pá mú. Ó tẹrí ba, ó sì ń wo ìsàlẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí oníbèérè fúnra rẹ̀ wo àwòrán náà dáadáa, kí ó sọ ohun tó rí, nítorí pé ọ̀pọ̀ wọn kì í kíyè sí ohun tí kò sí níbẹ̀. Kò sí ilé lórí òkè náà, kò sí ilẹ̀kùn, kò sí ibùsùn. Arúgbó yìí kò gbé ibẹ̀. Ó gun ibẹ̀ ni, ọ̀pá tó wà lọ́wọ́ rẹ̀ sì ni ọ̀pá ẹni tó ṣì máa rìn. Mo gbà pé èyí nìkan tó láti tú ẹni tó rò pé káàdì ti dá òun lẹ́bi sí àdágbé nínú.

Ohun kejì ni yìnyín. Òtútù wà lórí òkè náà, káàdì kò sì fi í pa mọ́. Ẹ má ṣe sọ fún ẹni tí inú rẹ̀ ń dùn ún pé ìdáwà dùn, nígbà tí àwòrán gan-an ń fi hàn pé ó ń mú ni lára. Ohun kẹta ni àtùpà, tí ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ kò ju ìwọ̀nba ìṣísẹ̀ díẹ̀ lọ. Kò lè fi ọdún márùn-ún tó ń bọ̀ hàn ẹnikẹ́ni, ibi tí ẹsẹ̀ kàn báyìí ló ń fi hàn.

Báwo ni kí a ṣe gbé ìbéèrè náà kalẹ̀ kí káàdì tó lè sọ ohun tó wúlò?

Ìbéèrè tó ń fẹ́ bẹ́ẹ̀ ni tàbí bẹ́ẹ̀ kọ́ máa ń há Adánìkangbé mọ́ ibi tóóró. Mo máa ń pín in sí mẹ́ta, kí n sì tẹ́ káàdì mẹ́ta láti òsì sí ọ̀tún. Èyí àkọ́kọ́ dúró fún ohun tí oníbèérè gbé jáde nínú ìfẹ́ tó parí, ìkejì dúró fún ohun tí ìdáwà yìí wà fún, ìkẹta sì dúró fún àmì tí yóò fi mọ̀ pé ó ti tó. Kò sí ọ̀kankan nínú wọn tó béèrè bóyá ẹni àná yóò padà wá, mo sì mọ̀ọ́mọ̀ yọ ọ́ kúrò, torí pé bí ìbéèrè yẹn bá ti wọlé, òun nìkan ni oníbèérè yóò máa gbọ́.

Ipò tí Adánìkangbé bá bọ́ sí ló ń yí ọ̀rọ̀ rẹ̀ padà. Bí ó bá bọ́ sí ipò kejì, ìtumọ̀ rẹ̀ kò ṣòro. Bí ó bá bọ́ sí ipò kẹta, àmì tí à ń wá ni ìbàlẹ̀ ọkàn: oníbèérè yóò mọ̀ pé ó ti tó lọ́jọ́ tó bá lè jókòó fúnra rẹ̀ láìsí pé ó ń wá ẹni tí yóò gba òun lọ́wọ́ ara òun. Ipò àkọ́kọ́ ló máa ń jẹ́ ìyàlẹ́nu jù lọ. Níbẹ̀, káàdì náà sábà máa ń sọ pé oníbèérè ti dá wà nígbà tí wọ́n ṣì jọ wà pọ̀, pé òun nìkan ló ń ronú, òun nìkan ló ń tún ọ̀rọ̀ ṣe. Mo ti rí àwọn tó bú sẹ́kún nígbà tí wọ́n gbọ́ ìyẹn, nítorí pé ohun tí ẹnikẹ́ni kò tíì bá wọn sọ rí ni. Fún irú ẹni bẹ́ẹ̀, ìmọ̀ràn pé kí ó lọ dá wà kò ní ohun tuntun nínú. Ohun tó jẹ́ tuntun fún un ni kí àwọn tó fẹ́ràn rẹ̀ wà nítòsí rẹ̀, bí kò tilẹ̀ ní olólùfẹ́.

Ṣé a lè rí àpẹẹrẹ kan láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin?

Obìnrin kan tí àjọṣe ọlọ́jọ́ pípẹ́ rẹ̀ tú ká wá bá mi. Ọkùnrin náà ti ń bá ẹlòmíràn lọ tipẹ́ kí ó tó jẹ́wọ́. Ẹni tuntun kan tó dà bí ọmọlúàbí ti wá ń pe obìnrin náà lórí fóònù, ẹ̀rù sì ń bà á. Ó ní, "Ẹ bá mi wò ó, ṣé kí n kúkú dá wà ni?" Káàdì mẹ́ta tó jáde ni Ife Márùn-ún, Adánìkangbé, àti Ẹyọ-Owó Mẹ́jọ.

Nínú Ife Márùn-ún, ẹnìkan tó wọ aṣọ dúdú tẹrí ba síwájú ife mẹ́ta tó ti dànù, ife méjì sì dúró lẹ́yìn rẹ̀ tí kò wò. Ohun tó gbé jáde nìyí: òfò náà ṣì wà lójú rẹ̀. Ìyẹn kò ya ẹnikẹ́ni lẹ́nu. Ṣùgbọ́n nígbà tí mo fi káàdì kejì sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, mo ní kí ó wo bí àwọn méjèèjì ṣe jọra wọn. Aṣọ gígùn bo àwọn méjèèjì, àwọn méjèèjì tẹrí ba, kò sí ẹni tó bá wọn dúró. Ìyàtọ̀ tó wà níbẹ̀ ni pé ọ̀kan gbé iná lọ́wọ́. Bẹ́ẹ̀ sì ni Adánìkangbé inú àkójọ yìí, ọwọ́ òsì ẹni tó ń wò ó ló kọjú sí, èyí tó túmọ̀ sí pé, bí a ṣe tẹ́ ẹ yìí, Ife Márùn-ún gan-an ni àtùpà rẹ̀ ń tàn sí. Ibi tí àwòrán ènìyàn bá kọjú sí jẹ́ ohun tó yẹ kí a máa wò nígbàkígbà tí káàdì bá tò síra wọn.

Mo wá béèrè ohun tó máa ń ṣe ní alẹ́ nígbà tó bá ku òun nìkan. Ó dákẹ́ fún ìgbà díẹ̀, ó wá ní òun máa ń ka àwọn àtẹ̀jíṣẹ́ àtijọ́ lórí fóònù, láti wá ọjọ́ náà gan-an tí irọ́ bẹ̀rẹ̀. Níbẹ̀ ni gbogbo ọ̀rọ̀ náà ṣí sílẹ̀. Lóòótọ́ ló ń gbé ní òun nìkan, ṣùgbọ́n kò tíì dá wà rárá, torí pé ọkùnrin náà ni wọ́n jọ ń lo gbogbo alẹ́. Ó gbé àtùpà lóòótọ́, ayé ẹlòmíràn ló ń tàn án sí. Mo sọ fún un pé bí mo ṣe ka káàdì yìí, ìwádìí náà dára, ẹni tí à ń wádìí ló yẹ kó yí padà: dípò ọjọ́ tí ọkùnrin náà kọ́kọ́ purọ́, kí ó wá ọjọ́ tí òun fúnra rẹ̀ kọ́kọ́ fura, àti ohun tó ṣe sí ìfura náà. Mo tẹ̀ ẹ́ mọ́ ọn létí pé kì í ṣe láti dá ara rẹ̀ lẹ́bi. Ẹni tó purọ́ ló ni irọ́. Ṣùgbọ́n etí inú rẹ̀ ti gbọ́ nǹkan kan, ó sì pa á lẹ́nu mọ́. Etí yẹn ni yóò nílò nígbà tí ẹlòmíràn bá dé.

Ẹyọ-Owó Mẹ́jọ bọ́ sí ipò àmì. Níbẹ̀, oníṣẹ́ ọwọ́ kan jókòó sórí àga iṣẹ́ rẹ̀, ó ń gbẹ́ ẹyọ owó lọ́kọ̀ọ̀kan, ìlú sì wà ní ọ̀ọ́kán lẹ́yìn rẹ̀. Kò sí ìfẹ́ nínú àwòrán yìí rárá, ó sì fẹ́ já obìnrin náà kulẹ̀ nítorí pé Ife Méjì, káàdì tó máa ń sọ̀rọ̀ ìfẹ́ láàárín ẹni méjì, ló ti ń retí. Mo bi í bóyá iṣẹ́ kan wà tó pa tì nítorí àjọṣe náà. Ó ní òun ti ń kọ́ aṣọ rírán tẹ́lẹ̀, òun sì fi í sílẹ̀ nígbà tí ọkùnrin náà ń ráhùn pé obìnrin náà kì í tètè dé. Bí a ṣe jọ kà á nìyí: kí ó padà sídìí iṣẹ́ náà, àmì pé ìdáwà náà ti tó yóò sì jẹ́ ọjọ́ tó bá parí aṣọ kan tí inú rẹ̀ dùn sí i, láìjẹ́ pé ó kọ́kọ́ ronú nípa ohun tí ọkùnrin yẹn ìbá sọ.

Ní ti ẹni tó ń pè é, kò sí káàdì kan níbẹ̀ tó ní kí ó lé e. Mo sọ fún un pé òtítọ́ ni Adánìkangbé máa ń béèrè: kí ó jẹ́ kí onítọ̀hún mọ̀ pé òun kò tíì lè ṣèlérí ohunkóhun, kí ó má sì ṣe ṣèlérí. Bí yóò ṣe dáhùn ìpè náà kù sọ́wọ́ rẹ̀, mi ò sì bá a pinnu.

Tí Adánìkangbé bá jáde ní ìdojúdé ńkọ́?

Nígbà tí káàdì yìí bá dorí kodò, ọ̀nà méjì tó takora ni ó lè gbà sọ̀rọ̀. Ó lè jẹ́ pé ìdáwà ti pọ̀ jù: oníbèérè ti pa àwọn ọ̀rẹ́ tì, kì í gbé ìpè mọ́, ìṣọ́ra rẹ̀ sì ti di ẹ̀rù tí kò nídìí mọ́. Ó sì lè jẹ́ pé kò tíì dá wà rárá, pé láti ọwọ́ ẹnìkan ló ti bọ́ sí ọwọ́ ẹlòmíràn kí ọgbẹ́ tó sàn. Àwòrán kan náà ni, ìmọ̀ràn tó yẹ fún èkínní yóò sì ṣe èkejì ní jàǹbá.

Káàdì nìkan kò lè fi ìyàtọ̀ hàn, ẹ máa béèrè. Ìbéèrè tí mo máa ń lò ni pé, "Ta ni ẹ bá sọ̀rọ̀ tòótọ́ kẹ́yìn, nígbà wo sì ni?" Ẹni tí kò rí ẹnikẹ́ni dárúkọ ti wà lórí òkè ju bó ṣe yẹ lọ, kí ó máa sọ̀ kalẹ̀ díẹ̀díẹ̀, ọ̀dọ̀ ọ̀rẹ́ ni kí ó kọ́kọ́ lọ, kì í ṣe ọ̀dọ̀ olólùfẹ́ tuntun. Ẹni tó bá ń dárúkọ olólùfẹ́ tuntun nìkan, tó sì ń fi í wé ti àná nínú gbogbo gbólóhùn, òkè náà ló ń sá fún.

Oníbèérè fẹ́ mọ iye àkókò tí yóò fi dá wà. Ṣé a lè sọ ọ́?

Àwọn kan máa ń mú nọ́ńbà 9 tó wà lórí káàdì náà, wọ́n á sì sọ pé ọ̀sẹ̀ mẹ́sàn-án tàbí oṣù mẹ́sàn-án. Àwọn mìíràn ń so ó mọ́ àmì ìràwọ̀ Wúndíá, wọ́n á wá dárúkọ ìparí oṣù kẹjọ sí oṣù kẹsàn-án. Èmi kì í fún ẹni tó ń ṣọ̀fọ̀ ìfẹ́ ní ọjọ́, nítorí pé ọjọ́ náà yóò pé, bí ọkàn rẹ̀ kò bá sì tíì fúyẹ́, yóò gbà pé àbùkù wà lára òun.

Síbẹ̀, ọ̀rọ̀ àkókò kò jìnnà sí káàdì yìí. Nínú àwọn àkójọ tí wọ́n fi ọwọ́ kùn ní Ítálì ní ọ̀rúndún kẹẹ̀ẹ́dógún, kì í ṣe àtùpà ló wà lọ́wọ́ arúgbó yìí, ìgò iyanrìn tí wọ́n fi ń ka wákàtí ni, Àkókò ni ó sì dúró fún. Mo fẹ́ràn láti sọ èyí fún oníbèérè, nítorí pé ó ń fi hàn pé àtìbẹ̀rẹ̀ ni ohun tó ní òpin ti wà lọ́wọ́ arúgbó náà. Iyanrìn inú ìgò kì í dúró. Ohun tí mo máa ń fún un dípò ọjọ́ ni àmì tí òun fúnra rẹ̀ lè mọ̀, bíi ti ipò kẹta nínú ìtẹ́ tí mo ṣàlàyé.

Bí Ife Méjì tàbí káàdì àwọn Olólùfẹ́ bá wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ṣé kò ti fagi lé e?

Kò fagi lé e. Ẹ wo èyí tó ṣáájú. Bí Adánìkangbé bá wà lósì, tí Ife Méjì sì tẹ̀ lé e, ìdáwà ló máa ṣáájú kí àjọṣe tó yẹ tó wáyé. Bí Ife Méjì bá wà lósì, àjọṣe tó ti kọjá ni àtùpà ń yẹ̀ wò. Èmi kì í sọ pé "ẹnìkan ń bọ̀" nítorí Ife Méjì nìkan, torí pé ó lè jẹ́ ìlàjà pẹ̀lú ọ̀rẹ́ tó ti pa tì.

Bí káàdì náà bá dúró fún ẹni àná ńkọ́?

Ìtumọ̀ rẹ̀ kò ju pé onítọ̀hún ti fà sẹ́yìn. Ẹ má ṣe fi í sọ pé ó ń ronú láti padà, káàdì kò rí inú ẹni tí kò sí níbẹ̀.

Ṣé a lè tún káàdì fà bí ìdáhùn kò bá tẹ́ oníbèérè lọ́rùn?

Mo máa ń sọ pé kí ó dúró títí ohun kan yóò fi yí padà nínú ayé rẹ̀. Ẹni tó ń fa káàdì lórí ọ̀rọ̀ kan náà lálaalẹ́ ti sọ káàdì di àwọn àtẹ̀jíṣẹ́ àtijọ́ tó ń kà lórí fóònù. Bí ó bá fẹ́ ṣe nǹkan kan láàárín àkókò náà, kí ó gbé Adánìkangbé kan ṣoṣo síwájú ara rẹ̀, kí ó kọ ohun tí àtùpà fi hàn án lọ́jọ́ yẹn sílẹ̀, gbólóhùn kan tàbí méjì, kí ó sì pa ìwé náà dé.

Ìgbà wo ni ó yẹ kí n kó káàdì kúrò nílẹ̀?

Bí oníbèérè bá sọ pé òun kò jẹun mọ́, pé òun kò sùn fún ọjọ́ púpọ̀, tàbí pé ayé kò wu òun gbé mọ́, ẹ kó káàdì kúrò. Irú ẹni bẹ́ẹ̀ kò gbọdọ̀ gbọ́ ọ̀rọ̀ ìdáwà kankan lẹ́nu yín, bó ti wù kí ẹ túmọ̀ rẹ̀ dáadáa tó. Ẹ béèrè lọ́wọ́ rẹ̀ tààrà bóyá ó ń ronú láti ṣe ara rẹ̀ léṣe. Ẹ bi í ta ni ó lè wà lọ́dọ̀ rẹ̀ lálẹ́ ọjọ́ náà, kí ó pe onítọ̀hún níṣojú yín, kí ẹ sì gbà á níyànjú láti rí dókítà tàbí agbaninímọ̀ràn láìjáfara. Bákan náà ni ọ̀rọ̀ rí bí ó bá jẹ́ pé ẹni àná ń lù ú tàbí tó ń dẹ́rù bà á. Níbẹ̀, ìbéèrè bóyá kí ó dá wà ti di ọ̀rọ̀ ààbò, ó sì yẹ kí ó wà láàárín àwọn tó lè dáàbò bò ó.